Bí a ṣe ń ṣe ìwé àyẹ̀wò ojoojúmọ́ fún tírọ́lì pàjáwìrì ní wọ́ọ̀dù

Ní àwọn ọdún kan sẹ́yìn, wọ́n pè mí pé kí n bá àwọn wo ìwé tí wọ́n fi ń yẹ tírọ́lì pàjáwìrì wò ní wọ́ọ̀dù kan, ìyẹn tírọ́lì tí a kó oògùn àti irinṣẹ́ sí fún ìgbà tí ọkàn tàbí èémí aláìsàn bá dúró. Ìwé oṣù Kejì ni ọwọ́ mi kọ́kọ́ bà. Irú ìwé kan náà ni wọ́n ń lò fún gbogbo oṣù, nítorí náà wọ́n ti tẹ àpótí ọjọ́ 31 sórí rẹ̀, ẹni tó ń yẹ tírọ́lì wò sì ti fi máàkì àti ìbuwọ́lù sí gbogbo rẹ̀ pátá, títí dé ọjọ́ 31, nínú oṣù tó jẹ́ ọjọ́ 28. Báírò kan náà ni, ìkọ̀wé kan náà ni, ó jọ pé ìjókòó kan ni wọ́n fi parí rẹ̀. Nígbà tí a fa dúrọ́ọ̀ kejì síta, bátìrì inú laríńgósíkóòpù, ìyẹn irinṣẹ́ oníná tí a fi ń wo ọ̀nà ọ̀fun kí a tó ti rọ́bà èémí wọlé, ti ṣomi, nǹkan funfun bí iyọ̀ sì ti dì mọ́ ibi tí iná ń gbà kọjá. A tẹ̀ ẹ́ títí, kò tàn.

N kò lè di gbogbo ẹ̀bi náà ru nọ́ọ̀sì yẹn. Ìwé tí wọ́n gbé fún un kò béèrè ju máàkì lọ, ibi tí èèyàn bá sì jókòó sí ló ti lè fi máàkì sí ìwé. Láti ìgbà náà ni mo ti yí bí mo ṣe ń ṣe ìwé àyẹ̀wò pa dà: ibikíbi tí mo bá ti lè béèrè nọ́ńbà, n kì í béèrè máàkì mọ́, nítorí pé ẹni tó máa kọ nọ́ńbà gbọ́dọ̀ dìde lọ síwájú tírọ́lì kó tó lè rí i kọ. Bí a ṣe ń ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀, àti bí a ṣe ń lò ó, ni mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín.

Ìwé méjì ni ẹ máa ṣe

Kí ẹ tó fa ìlà kankan, ẹ kọ́kọ́ wá àkójọ tí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìtọ́jú pàjáwìrì ní ilé ìwòsàn yín fọwọ́ sí. Ohun tó bá wà nínú àkójọ náà ló gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé yín, pẹ̀lú iye kan náà. Bí ẹ bá rò pé iye oògùn kan kéré jù, ìgbìmọ̀ ni kí ẹ lọ bá sọ ọ́, ẹ má ṣe fi báírò tún un ṣe fúnra yín. Àwọn iye tí mo máa dárúkọ nínú ìtọ́sọ́nà yìí jẹ́ ti wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà. Tírọ́lì àwọn ọmọdé ní àkójọ tirẹ̀, nítorí pé bí ọmọ bá ṣe tóbi sí ni ìwọ̀n oògùn àti ìwọ̀n rọ́bà rẹ̀ ṣe máa ń rí, n kò sì ní da méjèèjì pọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ pín iṣẹ́ náà sí ìwé méjì. Tírọ́lì tí a bá ń ṣí lójoojúmọ́ láti ka ámpùlù, ìyẹn àwọn ìgò oògùn kéékèèké, ojoojúmọ́ náà ni nǹkan á máa dín nínú rẹ̀: ẹnì kan á yá kánúlà méjì pé òun máa dá a pa dà, ẹlòmíràn á mú sírínjì kan. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan ni a máa ń ka inú rẹ̀ pé, a ó wá fi èdìdì oníke tó ní nọ́ńbà dè é, irú èyí tó máa ń já bí a bá fà á, tí kò sì ṣeé so pa dà. Bí èdìdì náà kò bá tíì já, tí nọ́ńbà rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó wà nínú ìwé, a jẹ́ pé inú tírọ́lì ṣì wà bí ẹni tó kà á kẹ́yìn ṣe fi í sílẹ̀. Ìwé kìíní jẹ́ ti ojoojúmọ́, fún ohun tó wà níta èdìdì. Ìwé kejì jẹ́ ti ìgbà tí a bá já èdìdì, yálà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí lẹ́ẹ̀kan lóṣù gẹ́gẹ́ bí òfin ilé ìwòsàn yín bá ṣe là á kalẹ̀, àti lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí a bá lo tírọ́lì, láìdúró di ọjọ́ kejì. Bí tírọ́lì yín kò bá ní ibi tí èdìdì lè wọ̀, kò sí ọ̀nà àbùjá kankan, ẹ ní láti máa ka inú rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ìwé ojoojúmọ́

Ní apá òkè, ẹ kọ orúkọ wọ́ọ̀dù, nọ́ńbà tírọ́lì, oṣù àti ọdún. Iye ọjọ́ tó wà nínú oṣù náà gan-an ni kí ẹ tẹ̀ sí i. Lẹ́yìn ọjọ́ àti aago, òpó márùn-ún ló kù kó tó kan ìbuwọ́lù, òpó kọ̀ọ̀kan sì ń béèrè ohun tí ojú gbọ́dọ̀ rí.

Òpó àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà èdìdì. Ẹ kọ gbogbo nọ́ńbà náà bó ṣe wà lára ike, lẹ́yìn tí ẹ bá kọ ọ́ tán ni kí ẹ tó wo ti àná tó wà lókè rẹ̀. Mo tẹnu mọ́ bó ṣe yẹ kó tò tẹ̀ léra yìí nítorí pé ẹni tó bá kọ́kọ́ wo ti àná, ohun tó ń retí ni ojú rẹ̀ máa kà lára ike, pàápàá ní òpin ṣífítì òru nígbà tí oorun ti ń kun ojú. Kí àwọn èdìdì tí a kò tíì lò wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó ń darí ṣífítì, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní àgádágodo. Tí a bá fi wọ́n sínú tírọ́lì tàbí sórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni lè já ọ̀kan kó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀.

Òpó kejì ni ọjọ́ ìparí tó súnmọ́ jù lọ nínú gbogbo ohun tó wà nínú tírọ́lì, pẹ̀lú orúkọ ohun tó ni ọjọ́ náà. Ẹni tó ka inú tírọ́lì kẹ́yìn ló máa ń kọ ọ́ sórí káàdì kékeré kan tí a so mọ́ èdìdì. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́ kàn ń dà á kọ ni, ṣùgbọ́n ibi tó ti ń dà á kọ ló ti máa rí i pé páàdì kan, èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ àyà aláìsàn láti fi iná ta ọkàn, ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọjọ́ rẹ̀ pé. Bí kò bá sí káàdì yìí, èdìdì tó dára lè máa dáàbò bo oògùn tó ti kọjá àsìkò fún odidi oṣù kan, kí gbogbo ìwé sì máa fi hàn pé kò séwu.

Òpó kẹta ni ọ́síjìn. Ẹ ṣí fáàfù sílíńdà, ẹ ka géèjì, ẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wá tì í pa dà. Ní ọ̀pọ̀ sílíńdà, bí ẹ kò bá ṣí fáàfù, afẹ́fẹ́ tó há sínú géèjì láti ìgbà tí wọ́n lò ó kẹ́yìn ni ẹ ń kà, ó sì lè fi hàn pé sílíńdà kún nígbà tí nǹkan kan kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ tú afẹ́fẹ́ tó kù nínú géèjì dànù lẹ́yìn tí ẹ bá ti ti fáàfù, kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ pa dà sí òdo fún ẹni tó ń bọ̀ lọ́la. Ẹ kọ iye tó kéré jù tí ẹ lè gbà sí orí òpó náà, kí ẹ sì fi ìṣẹ́jú rò ó, ẹ má fi ojú wò ó lásán. Sílíńdà tó ń gba lítà 680 nígbà tó bá kún, tí a bá ṣí i sí lítà 15 ní ìṣẹ́jú kan, yóò tó ìṣẹ́jú 45. Bó bá ku ìdajì, ìṣẹ́jú 22 péré ló kù. Bí ìṣẹ́jú 22 bá tó títí ẹni tó ń gbé sílíńdà yín fi máa dé lóru, a jẹ́ pé ìdajì tó. Bí kò bá tó, ẹ ti mọ ibi tó yẹ kí ẹ fa ìlà sí.

Òpó kẹrin ni ẹ̀rọ tó ń fa itọ́ àti èébì. Ẹ yọ ọ́ kúrò lórí iná kó lè lo bátìrì ara rẹ̀, ẹ tàn án, ẹ fi àtàǹpàkò tó wọ ìbọ̀wọ́ dí ẹnu rọ́bà rẹ̀, kí ẹ wá wo géèjì. Ó gbọ́dọ̀ gùn dé ó kéré tán 300 lórí ìwọ̀n mílímítà mẹ́kúrì. Tó bá ń gùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tàbí tó dúró sí 150, ìgò ìgbàtọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí pé ìdérí rẹ̀ tí kò jókòó dáadáa ló sábà máa ń fà á. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ibi tí rọ́bà ti sán. Nọ́ńbà tí géèjì dé ni ẹ máa kọ.

Òpó karùn-ún ni dìfíbúrílétọ̀, ẹ̀rọ tí ń fi iná ta ọkàn. Yíyọ kúrò lórí iná ni ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ níbí náà, nítorí pé ẹ̀rọ tó wà lórí iná yóò ṣiṣẹ́ dáadáa bí bátìrì rẹ̀ tiẹ̀ ti kú, orí bátìrì ni a sì máa ń lò ó nígbà tí a bá gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ṣe ìdánwò tí ìwé ẹ̀rọ náà sọ. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, a máa kó iná jọ sí ìwọ̀n júùlù tí ìwé náà dárúkọ, 30 ni lára àwọn kan, a ó sì tú u sínú ohun ìdánwò tó wà lára wáyà fúnra rẹ̀. Iye júùlù tó kọ pé òun tú jáde ni ẹ máa kọ sílẹ̀, bó bá sì tẹ bébà jáde, ẹ lẹ bébà náà mọ́ ẹ̀yìn ìwé. Àwọn ẹ̀rọ kékeré tó máa ń dán ara wọn wò kò ní irú nọ́ńbà yìí. Àmì tó wà lójú wọn ni ẹ máa kọ bó ṣe rí.

Ewu kan wà nínú ìdánwò yìí tó jẹ́ pé ìdánwò fúnra rẹ̀ ló ń fà á: ẹni tó yọ ẹ̀rọ kúrò lórí iná lè gbàgbé láti dá a pa dà, bátìrì á sì máa jò títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Nítorí náà, lábẹ́ òpó kẹrin àti ìkarùn-ún, mo máa ń fi àlàfo kékeré kan sí i tó ń béèrè aago tí a dá ẹ̀rọ pa dà sórí iná, kì í sì í ṣe plọ́ọ̀gì nìkan la ń wò níbẹ̀. Iná kékeré tó ń fi hàn pé bátìrì ń gba iná gbọ́dọ̀ tàn. Mo ti rí plọ́ọ̀gì tó wọ ojú ihò rẹ̀ dáadáa, tí súìṣì ara ògiri sì wà ní pípa.

Ìwé inú tírọ́lì

Nínú ìwé kejì, ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ohun kan ṣoṣo. Àwọn òpó rẹ̀ ni orúkọ, agbára àti ìwọ̀n omi oògùn, iye tó yẹ kó wà, iye tí a bá, ọjọ́ ìparí tó súnmọ́ jù nínú wọn, àti ohun tí a ṣe bí nǹkan bá dín. Ẹ to àwọn ìlà náà bí àwọn dúrọ́ọ̀ ṣe tò, láti òkè dé ìsàlẹ̀ àti láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún, kí ẹni tó ń kà má baà máa fò láti dúrọ́ọ̀ kan sí òmíràn.

Òpó agbára àti ìwọ̀n omi ni ọ̀pọ̀ ìwé máa ń fò, adirẹnalíìnì sì ni ó máa ń fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ hàn. Oríṣi méjì rẹ̀ ló sábà máa ń wà. Ọ̀kan jẹ́ mílígíráàmù 1 nínú mílílítà 10, tó sábà máa ń wà nínú sírínjì tí wọ́n ti fà sílẹ̀, tí a máa ń lò nígbà tí ọkàn bá dúró. Èkejì jẹ́ mílígíráàmù 1 nínú mílílítà 1, nínú ámpùlù kékeré, èyí tí a ń fa ìdajì mílílítà nínú rẹ̀ láti gún àgbàlagbà sínú ẹran itan nígbà tí ara rẹ̀ bá kọ oògùn tàbí oúnjẹ dé ibi tí èémí fi ń há. Ìwé tó bá kàn kọ “adirẹnalíìnì, 10” lè pé tán kí oríṣi kan má sí níbẹ̀ rárá. Ìlà méjì ni kí ẹ fún un.

Ó sì dára kí ẹni tó ń kà mọ ibi tí iye tó yẹ kó wà ti wá, nítorí pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní fi ojú kékeré wo ámpùlù kan tó dín. Nígbà tí ọkàn bá dúró, adirẹnalíìnì mílígíráàmù 1 là ń fún aláìsàn ní ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún síra wọn. Bí iṣẹ́ náà bá gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mẹ́fà sí mẹ́wàá ti lọ nìyẹn, ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ àkójọ fi máa ń sọ pé mẹ́wàá. Amiodaróònù pẹ̀lú ní ìṣirò tirẹ̀: mílígíráàmù 300 ni a ń fún lẹ́yìn tí a bá ti fi iná ta ọkàn lẹ́ẹ̀mẹta tí kò gbà, a sì lè fi 150 kún un lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀karùn-ún. Ní ibi tí ámpùlù kan bá ti jẹ́ 150, mẹ́ta ni aláìsàn kan ṣoṣo máa lò. Bí ẹ bá bá méjì, ẹ kò lè parí ìtọ́jú ẹnì kan.

Àwọn oògùn tó kù, bí atiropíìnì, kálísíọ́mù, magineṣíọ́mù, gúlúkóòsì, nalọkisóònù àti àwọn omi dírípù, ìlà kọ̀ọ̀kan náà ni wọ́n gbà, kò sí àrà nínú wọn. Orúkọ tí a tẹ̀ sára ámpùlù ni kí ẹ kọ, kì í ṣe orúkọ tí a ń pè é ní wọ́ọ̀dù.

Ní ti irinṣẹ́, ohun mẹ́ta ló nílò ju kíkà lọ. Laríńgósíkóòpù ni àkọ́kọ́: ẹ so abẹ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn, ẹ tàn án, kí iná náà funfun kó má sì máa ṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ẹ ṣí ìdí rẹ̀ kí ẹ wo bátìrì. Èkejì ni ámbù báàgì tí a fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí aláìsàn: ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu rẹ̀ pinpin kí ẹ sì fún un. Ó gbọ́dọ̀ le koko mọ́ yín lọ́wọ́, bó bá rọ̀ wẹ́lẹ́ bíi bọ́ọ̀lù tó ti lu, fáàfù rẹ̀ kò jókòó tàbí ara rẹ̀ ti la. Ẹ̀kẹta ni páàdì dìfíbúrílétọ̀, tí ọjọ́ ìparí rẹ̀ máa ń wà ní igun àpò rẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í wò. Bí àpò náà bá ti ya, ẹ má wo ọjọ́ mọ́, jẹ́lì inú rẹ̀ ti ń gbẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn rọ́bà èémí àti kánúlà náà ní ọjọ́ ìparí. Kì í ṣe oògùn nìkan ló ń kọjá àsìkò.

Òpó ọjọ́ ìparí

Bí ámpùlù bá kọ ọjọ́ ìparí ní oṣù àti ọdún nìkan, ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú oṣù náà ni òpin rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ bá sọ pé kí a lò ó kí oṣù kan tó dé, òpin oṣù tó ṣáájú ni ẹ máa kọ. Ẹ fi orúkọ kọ oṣù nínú ìwé yín, ẹ má fi nọ́ńbà kọ ọ́, nítorí pé 03/04 lè jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin lójú ẹnì kan, kó sì jẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta lójú ẹlòmíràn.

Oògùn inú fíríìjì nílò ìkìlọ̀ kan. Súsámẹ́tóníọ́mù, tí a fi ń dẹ iṣan kí a tó ti rọ́bà èémí wọlé, inú òtútù tó wà láàárín 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́sì ni a ń tọ́jú rẹ̀ sí. Bí a bá ti gbé e kúrò níbẹ̀ wá sínú tírọ́lì, ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sára rẹ̀ kò jámọ́ nǹkan mọ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbé e jáde sára rẹ̀, kí ẹ bi apòògùn yín léèrè iye ọjọ́ tí ìwé oògùn náà gan-an gbà láyè, kí ọjọ́ tuntun yẹn sì wọ inú ìwé. Àwọn wọ́ọ̀dù tó gbọ́n máa ń fi í sílẹ̀ nínú fíríìjì, wọn á kàn kọ sára tírọ́lì pé ibẹ̀ ló wà.

Ohun tó bá ku oṣù mẹ́ta, ẹ béèrè òmíràn lọ́wọ́ ilé ìpòògùn, kí ẹ sì bá wọn ṣe àdéhùn kí èyí tó ń lọ sópin lọ sí ibi tí wọ́n ti máa tètè lò ó, bíi wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an. Bí kò bá sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, dídànù ni gbogbo rẹ̀ máa ń parí sí, ẹni tó ń bójú tó owó wọ́ọ̀dù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kí ẹ ṣì mú sùúrù díẹ̀ sí i.

Ìbuwọ́lù

Orúkọ kíkún ni kí ìwé béèrè, pẹ̀lú ìbuwọ́lù. Lẹ́tà méjì tó dúró fún orúkọ kò tó, nítorí pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà kò sẹ́ni tó máa mọ ẹni tí “A.O.” jẹ́. Fún ìwé ojoojúmọ́, ẹnì kan tó. Fún ìgbà tí a bá já èdìdì, ẹni méjì ni mo máa ń béèrè: ọ̀kan ń ka ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀ sókè, èkejì ń kọ ọ́, láìfi iye tó yẹ kó wà han ẹni tó ń kà. Ó máa ń gba àkókò díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ gan-an sí kí ẹnì kan ka mẹ́wàá nítorí pé ó ti rí mẹ́wàá lórí ìwé. Kí wọ́n tó já èdìdì, kí wọ́n sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń darí ṣífítì, kí gbogbo wọn sì mọ tírọ́lì wọ́ọ̀dù kejì tó súnmọ́ jù.

Bí a kò bá yẹ tírọ́lì wò ní ọjọ́ kan, ẹ fa ìlà sí ọjọ́ náà kí ẹ kọ “a kò yẹ̀ ẹ́ wò”. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni pa dà lọ dí àlàfo àná. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gá kan máa ń bínú sí àlàfo, ṣùgbọ́n ìbínú yẹn gan-an ló ń mú kí àwọn èèyàn buwọ́ lu ọjọ́ 31 oṣù Kejì.

Òwúrọ̀ kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2026 ni, nọ́ọ̀sì òwúrọ̀ sì ti dé iwájú tírọ́lì ní aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú. Bí ìwé rẹ̀ ṣe rí nìyí nígbà tó kọ ọ́ tán:

| Ọjọ́ | Èdìdì | Ọjọ́ ìparí tó súnmọ́ jù | Ọ́síjìn | Ìfàtọ́ | Júùlù |
|---|---|---|---|---|---|
| 13 | 004817 | 31 oṣù Keje 2026, páàdì | 120 | 400 | 30 |
| 14 | 004823 | 31 oṣù Keje 2026, páàdì | 70 | 400 | 30 |

Èdìdì kò já, ó tún ń dán. Lórí ìwé oní-máàkì, iṣẹ́ parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà yàtọ̀ sí ti àná, kò sì sí ìlà kankan nínú ìwé kejì tó fi hàn pé ẹnì kan já 004817. Ọ́síjìn ló jẹ́rìí sí i: ó ti já wálẹ̀ láti 120 sí 70, nígbà tí sílíńdà náà jẹ́ 137 lórí géèjì bó bá kún. Lítà 680, tí a bá fi 70 lórí 137 ṣe é, kù díẹ̀ kó pé 350, ìyẹn ìṣẹ́jú 23 ní lítà 15. Ẹnì kan lo tírọ́lì yìí lóru.

Ó pe nọ́ọ̀sì tó ń darí ṣífítì, àwọn méjèèjì já 004823, wọ́n sì ka gbogbo rẹ̀. Amiodaróònù, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n bá níbi tí mẹ́ta yẹ kó wà. Páàdì kan náà kò sí mọ́. Wọ́n bi àwọn tó ṣe iṣẹ́ òru léèrè lórí fóònù, wọ́n sì gbọ́ pé ọkàn aláìsàn kan dúró ní aago mẹ́rin, wọ́n gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù mìíràn, ẹni tó sì so èdìdì tuntun mọ́ tírọ́lì rò pé ẹlòmíràn ti kó ohun tó dín wá. Kò burú láti so èdìdì. Síso ó láìka inú tírọ́lì ló burú, nítorí pé èdìdì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá rí i pé a ti kà á.

Ámpùlù méjì ni ilé ìpòògùn fi ránṣẹ́, pẹ̀lú páàdì tuntun tí ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ oṣù Kẹta ọdún 2028. Sílíńdà náà di pípààrọ̀. Nítorí pé páàdì tí wọ́n lò lóru ni ọjọ́ rẹ̀ súnmọ́ jù, káàdì ara èdìdì gbọ́dọ̀ yí pa dà: wọ́n wo òpó ọjọ́ ìparí láti òkè délẹ̀, wọ́n rí atiropíìnì tó máa parí ní òpin oṣù Kẹsàn-án, òun ni wọ́n kọ sórí káàdì tuntun. Wọ́n so èdìdì 004824. Nínú ìwé ojoojúmọ́, wọn kò pa 004823 rẹ́. Wọ́n kọ ìlà kejì sábẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ 14 kan náà, aago mẹ́jọ àbọ̀, èdìdì 004824, orúkọ àwọn méjèèjì, wọ́n sì tọ́ka sí ìwé kejì fún àlàyé.

Bí oṣù bá yí

Ìwé tuntun máa ń já okùn tó so ọjọ́ kan mọ́ èkejì, nítorí pé ní ọjọ́ kìíní oṣù, kò sí ìlà àná lókè tí èèyàn lè fi nọ́ńbà èdìdì wé. Ẹ fi ìlà kan sí orí ìwé, lókè ọjọ́ kìíní, tí a ó dà ìlà tó kẹ́yìn nínú ìwé oṣù tó kọjá kọ sí: nọ́ńbà èdìdì àti ọjọ́ ìparí tó wà lórí káàdì. Ẹni tó buwọ́ lu ọjọ́ tó kẹ́yìn ni kó dà á kọ, kó sì buwọ́ lù ú níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé àtijọ́ kì í kúrò lára pákó ìkọ̀wé títí ìlà yìí yóò fi kún, lẹ́yìn náà ló tó lọ sínú fáìlì wọ́ọ̀dù, pẹ̀lú àwọn bébà dìfíbúrílétọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀.